Ìbéèrè tó ń tú ajẹ́ǹtì físà fó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kàwé lókè òkun láti Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, ìbéèrè méjì ló sábà máa ń bi ajẹ́ǹtì: "Ṣé ẹ ti mú ẹnì kan lọ rí?" àti "Ṣé ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?" Ajẹ́ǹtì á ṣí fóònù, á fi àwòrán ọmọ tó wọ kóòtù nílẹ̀ yìnyín hàn wọ́n, á sì nawọ́ sí ìwé ẹ̀rí tó gbé kọ́ ara ògiri. Owó á bọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì kò burú, àmọ́ ẹnu ajẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ nìkan ni ìdáhùn wọn wà, oníjìbìtì sì ti há a sórí kí ẹ tó wọlé.

Oríṣi ìbéèrè méjì ló ń ṣiṣẹ́. Èkíní ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, bíi fásitì tàbí ìjọba, tí ẹ lè lọ wò láìjẹ́ pé ajẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Èkejì ni èyí tí ẹ̀yin ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí wọn.

Ìwé màsítà ní Ìlú Ọba ni mo mú, torí òun ni wọ́n ń tà jù ní àwọn ọ́fíìsì kéékèèké tó wà ní Tánkẹ àti òpópónà Táíwò ní Ìlọrin. Kánádà ní òfin tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kó àwọn iye owó tó wà níhìn-ín lọ síbẹ̀.

Ká lè rí i bó ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan láti Ọ̀fà gba dìgírì ìṣirò owó ní Fásitì Ìlọrin. Bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ kan lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpò tó ti ṣe tán láti tà. Ẹni tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ló júwe ajẹ́ǹtì kan ní Tánkẹ fún un: "Ọmọ Alfa ni, a mọ ilé bàbá ẹ̀." Ajẹ́ǹtì ní kí wọ́n mú ₦350,000 wá fún ìforúkọsílẹ̀, lẹ́yìn náà ₦900,000 fún CAS, ìyẹn nọ́ńbà ìgbàwọlé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba físà, tí owó iléèwé á sì tẹ̀ lé e. Ó ní físà dájú, kò lè yẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀ kí ẹ tó lọ

Ẹ ṣí íméèlì tuntun kan tó jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ má sì lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ajẹ́ǹtì tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń bá yín sáré. Ẹ wá fóònù tó ní dátà, ìwé kékeré kan tí ẹ máa kọ ìdáhùn sí, pẹ̀lú ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tì. Ẹ̀dà ni mo wí. Ajẹ́ǹtì tòótọ́ kò nílò páásípọ́ọ̀tì gan-an láti wá àyè sí fásitì, ẹni tó bá sì fẹ́ tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ń wá ohun tó máa fi dè yín mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ẹ ò ṣe mọ́.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí kí owó kankan tó jáde. Bí wọ́n bá ní "àyè ń kún, ọ̀la ni wọ́n ń pa á dé," ẹ lọ wo ìkànnì fásitì náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìforúkọsílẹ̀ dé sí.

Ìpele 1: Ta ló ni àkáǹtì tí owó ń lọ?

Ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà bó ṣe wà lórí rìsíìtì, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ máa san owó sí sínú ìwé. Ẹ wá lọ sórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, lórí fóònù yín, kí ẹ tẹ orúkọ náà síbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ ilé iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ hàn yín, ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, àti bóyá ilé iṣẹ́ náà ṣì wà lójú iṣẹ́ lọ́dọ̀ CAC.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í nìyí: bí wọ́n bá ti rí orúkọ náà, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹni tó ń ta súyà náà lè ṣe é, CAC kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó mọ ohunkóhun nípa físà. Ohun tí àyẹ̀wò yìí wúlò fún ni kí ẹ lè fi orúkọ wé orúkọ. Ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ṣé ó bá "ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́" tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ wọn mu? Orúkọ tó máa jáde nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yẹn sínú áàpù bánkì yín, ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ ni tàbí orúkọ èèyàn kan?

Ọmọ Ọ̀fà wa tẹ nọ́ńbà náà sínú áàpù, kò tíì fi owó ránṣẹ́. Orúkọ obìnrin kan tí wọn ò tíì gbọ́ rí ló jáde. Ajẹ́ǹtì ní ìyàwó òun ni, pé bánkì ilé iṣẹ́ ń dààmú òun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ilé iṣẹ́ á sọ pé ẹ ò san owó kankan fún àwọn, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ.

*Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí sí rere* bí orúkọ tó wà lórí rìsíìtì, èyí tó wà ní CAC àti èyí tó wà lórí àkáǹtì bá jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ má san nǹkan kan síbẹ̀.

Ìpele 2: Fásitì wo ló mọ̀ yín?

Ìbéèrè yìí lágbára ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí náà màá dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Àwọn fásitì Ìlú Ọba tó ń bá ajẹ́ǹtì ṣiṣẹ́ máa ń ní àdéhùn pẹ̀lú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń kọ orúkọ àwọn ajẹ́ǹtì náà sórí ìkànnì wọn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í pé: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, fásitì mẹ́ta wo ni ẹ ń ṣojú fún tààrà?" Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ lọ sí ìkànnì fásitì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Our representatives` tàbí `Agents` sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá, kí ẹ yan `Nigeria`. Kí orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú íméèlì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Bí fásitì kò bá kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ kọ íméèlì sí ẹ̀ka tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ìlà méjì ti tó: orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ìlú tó wà, àti pé ṣé aṣojú wọn ni. Wọ́n máa ń dáhùn, torí ẹni tó ń fi orúkọ wọn lu jìbìtì ń ba tiwọn náà jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó wà ní Ìlọrin kì í ṣe ajẹ́ǹtì gan-an, abẹ́ ajẹ́ǹtì ńlá kan ní Èkó tàbí Àbújá ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún. Bó bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹ wá orúkọ ajẹ́ǹtì ńlá náà lórí ìkànnì fásitì, ẹ mú nọ́ńbà fóònù tó wà *níbẹ̀*, kí ẹ pe ọ́fíìsì Èkó pé ṣé wọ́n ní ẹni kan ní Tánkẹ. Ẹ má gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń yẹ̀ wò, ẹni tó jókòó sí yàrá kejì ló lè gbé e pé, "Ẹ̀ẹ́n, ọmọ wa ni."

Ohun kejì tó tún wà ní ìpele yìí ni fásitì náà fúnra rẹ̀. Ìjọba Ìlú Ọba ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní `Register of licensed sponsors: students` lórí GOV.UK. Iléèwé tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò físà akẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ dára tó. Àmọ́ oníjìbìtì tó gbọ́n kì í dá iléèwé èké sílẹ̀ mọ́, iléèwé tòótọ́ ló ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iléèwé nínú ìwé ìjọba, iléèwé nìkan ló wẹ̀ mọ́.

Ajẹ́ǹtì ọmọ Ọ̀fà wa dárúkọ fásitì márùn-ún, gbogbo wọn wà nínú ìwé ìjọba. Nígbà tó wo ìkànnì wọn, mẹ́rin kò ní orúkọ rẹ̀, ìkarùn-ún kò kọ orúkọ ajẹ́ǹtì kankan jáde. Ó kọ íméèlì sí wọn. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ò mọ ilé iṣẹ́ náà, àmọ́ pé kò pọn dandan kó gba ọ̀dọ̀ ajẹ́ǹtì wá, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì àwọn.

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyẹn. Ẹ lè ṣe é fúnra yín.

*Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí sí rere* bí fásitì kan, ó kéré tán, bá ti ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ ajẹ́ǹtì náà.

Ìpele 3: Ta ló ń san owó fún yín, kí sì ni tèmi wà fún?

Ẹ ní kí wọ́n kọ owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì kọ ẹni tí owó kọ̀ọ̀kan ń lọ bá. Ajẹ́ǹtì tó ní àdéhùn pẹ̀lú fásitì ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́wọ́ fásitì bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé tán, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi gba nǹkan kan láti wá àyè. Bí wọ́n bá gba owó díẹ̀ láti bá yín to ìwé físà, kò burú, iṣẹ́ ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè tà ni CAS. CAS ni nọ́ńbà tí fásitì ń gbà jáde lọ́dọ̀ ìjọba láti fi sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, òun ti gbà á. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlá tí wọ́n so pọ̀ ni. Fásitì ló ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tó bá ti san àsansílẹ̀ owó iléèwé, tó sì ti yege nínú àyẹ̀wò wọn, tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nítorí náà "₦900,000 fún CAS" kì í ṣe owó tó wọ́n jù. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò sí rárá ni.

Àsansílẹ̀ owó iléèwé ńkọ́? Ẹ̀yin ni kí ẹ san án fún fásitì, láti inú pọ́tà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí gba ọ̀nà tí fásitì kọ sórí ìkànnì rẹ̀, bíi Flywire tàbí Convera. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rí owó náà. Bí ajẹ́ǹtì bá ní "ẹ kó náírà wá, èmi ni màá bá yín wá pọ́n-ùn," ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ́nà Àjàṣẹ́ ti ṣègbé. Ó lè san apá kan, kó sì fi àwòrán rìsíìtì tó ti tún ṣe hàn yín. Ó lè fi káàdì tí wọ́n jí san án, tí fásitì á dá a padà lóṣù kejì, tí ẹ̀yin á wá di ẹni tí wọ́n ń wá.

*Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí sí rere* bí gbogbo owó tó pọ̀, ìyẹn owó iléèwé, owó físà àti owó ìlera tí ìjọba wọn ń gbà mọ́ físà, bá ń lọ tààrà sọ́dọ̀ fásitì tàbí GOV.UK, tó sì jẹ́ pé owó iṣẹ́ nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ ajẹ́ǹtì.

Ìpele 4: Ìbéèrè méjì tí ẹ ti mọ ìdáhùn wọn

Níbí, ẹ máa ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi béèrè.

Ọmọ Ọ̀fà wa bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Sà, bàbá mi kékeré tó wà ní Ìbàdàn lówó ní bánkì. Ṣé a lè lo àkáǹtì tiwọn?"

"Kò sí wàhálà, ọmọ mi. Àkáǹtì ẹnikẹ́ni ni. Bí kò bá tiẹ̀ sí, àwa náà lè bá ẹ ṣe é."

Irọ́ méjì ló wà nínú gbólóhùn kékeré yẹn. Òfin Ìlú Ọba sọ ẹni tó lè ni owó tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi hàn: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀ ní àwọn ìgbà kan, bàbá tàbí ìyá tó bí i, tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Bó bá jẹ́ ti òbí, ìwé ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àbúrò bàbá kò sí níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ni bàbá kékeré, òun ló sì tọ́ ẹlòmíì dàgbà. Ẹni tó ń yẹ físà wò kò mọ ìyẹn, bó bá rí orúkọ rẹ̀ lórí àkáǹtì, á kọ̀ láti fún yín ní físà.

Ìbéèrè kejì:

"Ọkọ mi ńkọ́, sà? Ṣé a lè jọ lọ?"

"Ẹ jọ ń lọ ni! Kódà ọmọ náà lè tẹ̀ lé yín."

Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ fún màsítà tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹni tó ń lọ fún PhD àti màsítà tó jẹ́ ti ìwádìí nìkan ló kù, àti àwọn tí ìjọba kan ń san owó ìwé wọn. Ajẹ́ǹtì tó bá ṣì ń ṣèlérí "ìdílé pátápátá" fún kíláàsì màsítà, yálà kò mọ iṣẹ́ tàbí ó mọ ohun tó ń ṣe. Méjèèjì ò dáa fún yín.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn ń pè ní àmì jìbìtì tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: "Kò sí IELTS." Ọ̀pọ̀ fásitì Ìlú Ọba ń gba èsì èdè Gẹ̀ẹ́sì inú WAEC, bó bá ti jẹ́ C6 sókè. Ẹ wò ó lórí ìkànnì fásitì náà kí ẹ tó bá ajẹ́ǹtì jà.

*Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí sí rere* bí ajẹ́ǹtì bá sọ "rárá" fún yín lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Èmi fọkàn tán ajẹ́ǹtì tó ń sọ rárá.

Ìpele 5: Owó inú bánkì

"Àwa náà lè bá ẹ ṣe é" tí ajẹ́ǹtì yẹn sọ, òun ni wọ́n ń pè ní POF láàárín ara wọn. Wọ́n á yá yín ní owó tó máa jókòó sínú àkáǹtì, tàbí kí wọ́n tẹ ìwé àkáǹtì èké jáde, wọ́n á sì gba owó lé e.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí òfin béèrè. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, owó oúnjẹ àti ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi hàn jẹ́ £1,171 lóṣù kan bí iléèwé bá wà lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, £1,529 bó bá wà nínú Lọ́ńdọ̀nù, fún oṣù mẹ́sàn-án ó pọ̀ jù. Ká ní owó iléèwé ọmọ Ọ̀fà wa jẹ́ £16,000 lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ti san £5,000 sílẹ̀. Ó ku £11,000. Oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ £10,539. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £21,539. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra láìwá sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ọjọ́ tí ìwé àkáǹtì parí sí má sì ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ fi ìwé físà ránṣẹ́.

Ẹ bi ajẹ́ǹtì pé: "Ọjọ́ mélòó ni owó máa lò, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá yọ ₦20,000 nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n?" Ìdáhùn tó tọ́ ni pé bí ohun tó kù bá lọ sísàlẹ̀ iye tí wọ́n béèrè, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní.

Ewu tó wà nínú ìwé àkáǹtì èké ju owó tó sọnù lọ. Ìjọba Ìlú Ọba lè bi bánkì léèrè. Bí wọ́n bá rí ìwé èké, wọ́n lè kọ̀ láti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní físà kódà bí kò bá mọ̀ pé èké ni, bí wọ́n bá sì gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tan wọ́n jẹ, ọdún 10 ni wọ́n lè fi dí ọ̀nà mọ́ ọn. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìyà náà ń lé. Ajẹ́ǹtì á ṣì wà ní Tánkẹ.

*Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí sí rere* bí ẹ bá fúnra yín gba ìwé àkáǹtì ní bánkì, tí owó inú rẹ̀ sì jẹ́ tiyín tàbí ti òbí yín.

Ìpele 6: Lẹ́tà dé, ṣé lóòótọ́ ni?

Lẹ́tà ìgbàwọlé tó wá gba orí Wọ́sáàpù ajẹ́ǹtì kò tíì di lẹ́tà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀nà tí ẹ lè gbà wọ pọ́tà fásitì pẹ̀lú íméèlì tiyín. Ajẹ́ǹtì tòótọ́ lè ti fi íméèlì tirẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní kọ̀ kí ẹ wọlé wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àdírẹ́sì íméèlì tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Íméèlì fásitì Ìlú Ọba máa ń parí sí `.ac.uk`. Òpin rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àdírẹ́sì tó parí sí `ac-uk.com` tàbí `admissions.co.uk` kì í ṣe tiwọn. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà, ẹni tó tẹ lẹ́tà náà ló tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà tàbí íméèlì láti orí ìkànnì fásitì, kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn.

Bí CAS bá wá dé, ẹ fara balẹ̀ ka inú rẹ̀: nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tì, orúkọ ìwé tí ẹ fẹ́ kà, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, àti iye tí fásitì kọ pé ẹ ti san. Bí ẹ bá san £5,000 tí wọ́n kọ £0 síbẹ̀, owó yín kò débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń wá ìkànnì ìjọba tí wọ́n á fi yẹ CAS wò, wọ́n á sì bọ́ sọ́wọ́ ìkànnì èké tí oníjìbìtì ṣe fún wọn. Fásitì nìkan ni kí ẹ bi.

*Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí sí rere* bí fásitì bá fi íméèlì tó parí sí `.ac.uk` sọ fún yín pé lẹ́tà náà jáde lọ́dọ̀ àwọn.

Ìpele 7: Físà fúnra rẹ̀

Níbí mi ò ní pẹ́. Orí GOV.UK ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù físà, kí íméèlì akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi í ránṣẹ́ lóòótọ́, nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `GWF` á jáde, owó ìlera náà á sì ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `IHS`. Ẹ béèrè méjèèjì. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ẹ máa ṣe ní ilé ìwòsàn IOM ní Èkó tàbí Àbújá. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ tẹ ìka kí wọ́n sì yà á ní àwòrán. Nítorí náà ajẹ́ǹtì tó bá ní "ẹ jókòó sílé, físà á bá yín ní Ọ̀fà" ti sọ ohun tó jẹ́.

Láti ọdún 2025, físà akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì dípò ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páásípọ́ọ̀tì. Ẹ wọlé sí àkáǹtì tiyín lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba wọn tó ń rí sí físà, lórí GOV.UK, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Àwòrán tí ajẹ́ǹtì fi ránṣẹ́, tó ní "físà ti jáde, ẹ san ìyókù," kì í ṣe físà. Ìdí tí "físà jáde kí ẹ tó sanwó" fi ń mú àwọn èèyàn nìyẹn: wọ́n rò pé ìdè wà lọ́rùn ajẹ́ǹtì, wọn ò mọ̀ pé òun náà ló ń ya àwòrán físà.

Bí owó bá ti lọ

Ẹ pe bánkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, ní wákàtí tí ẹ bá mọ̀, kí ẹ ní jìbìtì ni, kí wọ́n kọ̀wé sí bánkì tó gba owó. Bí owó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè dì í mú. Bó bá ti di ọjọ́ kẹta, ó sábà máa ń ti jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí EFCC, tó ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti ń rọ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́ bíi gbèsè: "Ó jẹ wá ní mílíọ̀nù kan." Gbèsè kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ohun tí òfin jìbìtì ọdún 2006 ń fìyà ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 jẹ ni irọ́ tí ẹnì kan pa láti fi gba owó. Nítorí náà irọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ó ní òun ń ṣojú fún fásitì báyìí, ó ní CAS jẹ́ ₦900,000, ọjọ́ báyìí ni mo san án sí àkáǹtì báyìí, fásitì sì sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n." Ẹ so ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù, ẹ̀rí tiransífà àti íméèlì fásitì mọ́ ọn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù rẹ́ nítorí ìbínú.

Àwọn àgbà á wá bẹ̀ yín, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ Alfa tàbí ọmọ pásítọ̀. Ajẹ́ǹtì á ní òun máa dá owó padà, kí ẹ kàn lọ kọ̀wé sí EFCC pé ẹ ti yanjú rẹ̀. Ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan bẹ́ẹ̀ kí gbogbo owó tó wọ àkáǹtì yín, kí ẹ sì rí i nínú áàpù bánkì yín fúnra yín, kì í ṣe lórí àwòrán tiransífà tó fi ránṣẹ́.